Kọ́sítọ́mà yọ owó orí kó tó sanwó: báwo ló ṣe máa wọ ínfọ́ìsì àti lẹ́jà?

Tí kọ́sítọ́mà bá yọ owó orí nínú owó iṣẹ́ kó tó sanwó, kì í ṣe pé ó dín owó kù o, kì í sì í ṣe gbèsè ló jẹ. Owó orí ẹni tó ṣiṣẹ́ náà ló bá a san sílẹ̀ fún ìjọba, òun ni wọ́n ń pè ní wíhódìn tásì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká mú owó iṣẹ́ 200,000, fáàtì 10 pásẹ́ǹtì lé e ní 20,000, gbogbo ẹ̀ 220,000. Ká ní òfin ní kí wọ́n yọ 5 pásẹ́ǹtì lórí owó iṣẹ́ nìkan, láìka fáàtì mọ́ ọn, 10,000 nìyẹn, 210,000 ló máa wọ báńkì. Ínfọ́ìsì ṣì gbọ́dọ̀ gbé 220,000. Èèyàn lè fi ìlà kan sísàlẹ̀ pé 10,000 máa yọ o, kó ṣáà má lọ kọ 190,000 bí owó iṣẹ́, torí ọjà tó tà á kéré nínú ìwé, fáàtì ẹ̀ náà á kéré, kọ́sítọ́mà á sì tún yọ 5 pásẹ́ǹtì lórí èyí tó ti dín kù tẹ́lẹ̀.

Nínú lẹ́jà, ọjọ́ tí ínfọ́ìsì jáde, dẹ́bíìtì kọ́sítọ́mà 220,000, kírẹ́díìtì owó iṣẹ́ 200,000 àti fáàtì 20,000, ó tán, wíhódìn ò tíì dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí owó wọlé ló tó dé: dẹ́bíìtì báńkì 210,000, dẹ́bíìtì àkáǹtì wíhódìn 10,000, kírẹ́díìtì kọ́sítọ́mà 220,000. Orúkọ kọ́sítọ́mà ti mọ́ báyìí. Àkáǹtì wíhódìn yẹn, ohun ìní ni o, kì í ṣe ìnáwó, ẹni tó bá jù ú sí ìnáwó ti sọ ẹ̀tọ́ ara ẹ̀ nù. Tí owó orí ọdún bá jẹ́ 35,000, 10,000 yẹn la máa fi dín in, ó ku 25,000 láti san.

Tí 209,000 bá wọlé ńkọ́? Ẹ wo ìyàtọ̀ 1,000 yẹn dáadáa: 5 pásẹ́ǹtì 220,000 jẹ́ 11,000, wọ́n ti ṣírò ẹ̀ mọ́ fáàtì nìyẹn. Kí 1,000 náà wà lórí orúkọ kọ́sítọ́mà títí wọ́n á fi san án, àbí kí wọ́n fi hàn pé gbogbo 11,000 ló dé ọ̀dọ̀ ìjọba.

Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní sàtífíkéètì ló máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń gba owó orí ka owó yìí sí. Tí bálánsì àkáǹtì wíhódìn bá ju àròpọ̀ sàtífíkéètì tó wà lọ́wọ́ lọ, kọ́sítọ́mà kan wà tó ti yọ owó tí ìwé ẹ̀ ò tíì dé, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé kò tíì san án fún ìjọba rárá.