Ṣíṣètò ẹnu ọ̀nà sáfà fún áàpù orí fóònù

Ẹnu ọ̀nà sáfà ni àdírẹ́sì tí áàpù orí fóònù máa ń kàn sí láti gba dátà tàbí láti fi dátà ránṣẹ́, bíi `GET /v1/transactions`. Ohun méjì ló mú kí ètò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ojúlé wẹ́ẹ̀bù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lè já nígbàkígbà, kódà nígbà tí sáfà ti ṣe iṣẹ́ tán tí èsì ṣì wà lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni áàpù tó ti wọ fóònù oníbàárà kò ṣeé gbà padà: àwọn tó ni sáfà lè yí kóòdù wọn padà lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ni fóònù ló máa pinnu ìgbà tó máa ṣe àpúdéètì.

Bíbu àkọsílẹ̀ ní ojú ewé

Bí àkọsílẹ̀ bá pọ̀, sáfà kì í kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti kọ ni ti kíkà-fò, níbi tí áàpù ti máa béèrè `?limit=20&offset=20`, ìyẹn ni pé kí sáfà fo 20 àkọ́kọ́, kó sì mú 20 tó tẹ̀ lé e wá. Ọ̀nà yìí kò burú fún àtòjọ tí kì í yí padà. Ibi tí ìṣòro wà ni àtòjọ tí nǹkan tuntun ń wọlé sí lórí.

Ká ní áàpù kan ń fi àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde hàn, tí tuntun sì wà lókè. Àkọsílẹ̀ 100 ló wà nílẹ̀, nítorí náà ojú ewé kìn-ín-ní mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 100 títí dé 81 wá. Kí oníbàárà tó kà á tán, owó mẹ́ta mìíràn ti wọlé, wọ́n di 101, 102 àti 103. Nígbà tí áàpù bá béèrè `offset=20`, sáfà á fo 103 títí dé 84, á sì mú 83 títí dé 64 wá. Oníbàárà á tún rí 83, 82 àti 81 lẹ́ẹ̀kejì, ó sì lè rò pé wọ́n yọ owó òun ní ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n pa mẹ́ta rẹ́ nínú ojú ewé kìn-ín-ní, 80, 79 àti 78 á sá kúrò lójú, kò sì ní rí wọn rárá. Èyí ló léwu jù, torí pé áàpù lè fi nọ́ńbà dá àtúnwí mọ̀ kó sì yọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí kò dé kì í fi àmì kankan sílẹ̀.

Kíkà-fò tún máa ń falẹ̀ bí àtòjọ bá ṣe ń gùn sí i. Nínú PostgreSQL, dátábéèsì ṣì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ lórí àwọn ìlà tí wọ́n ní kó fò kó tó dà wọ́n nù.

Ọ̀nà kejì ni ti àmì ìdúró. Dípò kí áàpù sọ iye tí sáfà máa fò, ó máa ń dá àmì ohun tó rí gbẹ̀yìn padà, sáfà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀:

```sql
SELECT id, amount, created_at
FROM transactions
WHERE user_id = $1
  AND (created_at, id) < ($2, $3)
ORDER BY created_at DESC, id DESC
LIMIT 21;
```

Ìlà 21 ni wọ́n béèrè, àmọ́ 20 ni wọ́n máa fi ránṣẹ́. Bí ìkọkànlélógún bá wà, sáfà á mọ̀ pé ó ṣì kù, kò sì ní í ka gbogbo àtòjọ kó tó mọ̀. `id` wà níbẹ̀ nítorí àwọn ìlà tí àkókò wọn bá ara wọn mu. Nínú PostgreSQL, àkókò tí ìdúnàádúrà dátábéèsì bẹ̀rẹ̀ ni `now()` máa ń sọ, nítorí náà bí wọ́n bá san owó oṣù fún ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìdúnàádúrà kan ṣoṣo, àkókò kan náà gan-an ni gbogbo ìlà wọn máa ní.

Pẹ̀lú èyí náà, àṣìṣe kan wà tó máa ń fara sin. PostgreSQL ń pa àkókò mọ́ dé ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n `Date` ti JavaScript kò kọjá ìdá ẹgbẹ̀rún. Bí sáfà tí wọ́n fi JavaScript kọ bá ka 10:15:02.123456, ohun tó máa wọnú àmì ìdúró ni 10:15:02.123. Ojú ewé tó kàn á wá béèrè ohun tó kéré sí .123000, gbogbo ìlà tó kù láàárín .123000 sí .123456 á sì pòórá. A lè dá a mọ̀ báyìí: ẹnu ààlà ojú ewé nìkan ni ìlà ti ń sọnù, bí wọ́n bá sì yí `limit` padà, ìlà mìíràn ni yóò sọnù. Ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n gba àkókò náà láti inú dátábéèsì bí ọ̀rọ̀, kí wọ́n má sọ ọ́ di `Date`.

Wọ́n sábà máa ń fi Base64 dì àmì ìdúró, kí àwọn tó ń kọ áàpù má baà máa tú u wò. Ohun tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe ni kí oníbàárà fò lọ sí ojú ewé keje tààrà. Lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ yí ojú ewé sókè, ìyẹn kì í sábà dunni.

Nọ́ńbà àṣìṣe

Nọ́ńbà tí HTTP fi ń dáhùn ló máa ń sọ fún áàpù bóyá kó tún gbìyànjú. 500 sókè túmọ̀ sí pé sáfà ló kọsẹ̀, títún gbìyànjú sì lè ràn án lọ́wọ́. 400 sí 499 túmọ̀ sí pé ìbéèrè ló ní àléébù, àyàfi bíi 429, tó ń ní kí áàpù sinmi díẹ̀, tí `Retry-After` sì lè sọ iye àkókò. Ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra pẹ̀lú 401, tó ń sọ pé sáfà kò dá ẹni tó ń béèrè mọ̀, àti 403, tó ń sọ pé kò ní àṣẹ sí ohun tó béèrè. Bí 401 bá dé, áàpù á lọ gba tókìnnì tuntun. Bí sáfà bá fi 401 ránṣẹ́ níbi tó yẹ kó lo 403, áàpù lè máa gba tókìnnì láìdáwọ́ dúró.

Nọ́ńbà nìkan kò tó. Ìlànà ìntánẹ́ẹ̀tì RFC 9457 ti ọdún 2023 ṣètò bí àlàyé àṣìṣe ṣe lè wà nínú JSON:

```json
{
  "type": "https://example.com/errors/low-balance",
  "title": "Owó inú àkáǹtì kò tó",
  "status": 422
}
```

`type` ni kí áàpù máa kà, nítorí wọ́n lè tún ọ̀rọ̀ inú `title` kọ nígbàkígbà. Ní ti ìsanwó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lórí rẹ̀, nọ́ńbà kankan kì í dé. Áàpù sábà máa ń fi àmì kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nínú `Idempotency-Key`, kí sáfà má baà sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀dà

Àwọn kan ń kọ ẹ̀dà sínú àdírẹ́sì, bíi `/v1`. GitHub ń lo ọjọ́, bíi `X-GitHub-Api-Version: 2022-11-28`. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, ohun tó máa ń ba áàpù àtijọ́ jẹ́ kò yàtọ̀: yíyọ nǹkan kúrò nínú èsì tàbí yíyí nọ́ńbà di ọ̀rọ̀. Fífi nǹkan kún un kì í sábà ṣe ìpalára, ṣùgbọ́n ó lè ṣe é. Bí sáfà bá fi `reversed` kún àwọn ipò owó, áàpù Swift tó fi `enum` ka ipò mẹ́ta péré lè kọ̀ láti ka gbogbo àtòjọ nítorí ìlà kan ṣoṣo, ojú ewé á sì ṣófo. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ààyè fún ipò tí a kò mọ̀ wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ áàpù.

Kí wọ́n tó ti ẹ̀dà àtijọ́ pa, `Sunset` (RFC 8594, ọdún 2019) lè sọ ọjọ́ náà ṣáájú. Lẹ́yìn náà, 410, tó ń sọ pé ohun tí wọ́n béèrè kò sí mọ́, bá a mu. Àwọn kan ń lo 426 nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyípadà ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ láàárín sáfà àti ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni wọ́n dá 426 sílẹ̀ fún, kì í ṣe àpúdéètì áàpù.