Ta Ló Kọ Orin Yẹn?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi olórin ní Lágéré, n'Ífẹ̀, ni pé, "Èló ni wọ́n ń san lórí ìgbọ́ kan?" Kò sí iye kankan. Áàpù orin Spotify kì í ra ìgbọ́ bí ẹni ń ra gààrí ní kóńgò. Owó àsansílẹ̀ tí àwọn olùgbọ́ orílẹ̀-èdè kan bá san lóṣù ni wọ́n ń dà sínú ìkòkò kan. Áàpù á yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n á wá pín ìyókù bí ogún orí-ò-jorí: ìgbọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ orí kan.

Ká ní mílíọ̀nù 100 náírà ló kù nínú ìkòkò Nàìjíríà, tí àpapọ̀ ìgbọ́ sì jẹ́ mílíọ̀nù 200. Orin ọmọbìnrin Ifẹ̀ kan ní ìgbọ́ 200,000, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, ₦100,000 nìyẹn. Lóṣù kejì, gbajúmọ̀ kan gbé àwo jáde, àpapọ̀ ìgbọ́ di mílíọ̀nù 400, owó inú ìkòkò ò sì pọ̀ sí i. Ìgbọ́ ti ọmọbìnrin yẹn ò dín o, àmọ́ owó orin rẹ̀ ti di ₦50,000. Ká ní ìdí-igi ni wọ́n ń pín in, owó olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan ì bá máa lọ sọ́dọ̀ kìkì àwọn tó gbọ́. SoundCloud bẹ̀rẹ̀ irú èyí ní 2021, ó sì sàn ju kí owó màmá tó ń gbọ́ olórin kan ṣoṣo máa bọ́ sápò ẹni tí kò gbọ́ rí.

₦100,000 oṣù àkọ́kọ́ pàápàá, kì í ṣe ti ọmọbìnrin náà nìkan. Èdè wa wà lára ohun tó ń da èyí rú: ẹni tó fẹnu kọ orin, "kọ" ni, ẹni tó fi bírò kọ ọ́, "kọ" náà ni. Lójú òfin, dúkìá méjì ni: ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, àti orin tí ẹnìkan hun. Ohùn ló ń gba púpọ̀ jù, nǹkan bíi mẹ́rin nínú márùn-ún. ₦80,000 fún ohùn nìyẹn, ₦20,000 fún orin.

Ẹni tó ni ohùn ló ń gba ₦80,000. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni, tí àdéhùn sì fún ọmọbìnrin náà ní ìdá 20 nínú 100, ₦16,000 ni tirẹ̀, wọ́n á sì kọ́kọ́ fi ìyẹn san owó tí wọ́n ti yá a ṣáájú. Tó bá dá dúró, alárinà tó bá a gbé orin sórí áàpù ló máa san án fún un.

₦20,000 ò gba ọ̀dọ̀ alárinà yẹn kọjá. Ẹgbẹ́ agbowó-ẹ̀tọ́ bíi MCSN ló ń gbà á, orúkọ àti ìpín tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ká ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló hun ègbè orin náà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, owó rẹ̀ á kàn so rọ̀ ni. Nọ́ńbà orin ló ń fi èyí hàn: ISRC jẹ́ ti ohùn, ISWC jẹ́ ti orin. Tó bá jẹ́ ISRC nìkan ló wà nílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan péré nínú àwọn méjèèjì tó "kọ" orin náà ni wọ́n mọ̀.