Iná ò pa àlẹ́jì ẹ̀pà nínú ṣin-ṣin yín o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dín ṣin-ṣin tà nílé ní Kubwa, Nyanya, Gwarinpa, ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa, òun ni "iná ti pa á." Oníbàárà á bèèrè bóyá ẹ̀pà wà níbẹ̀, a máa ní rárá, tó bá tiẹ̀ kàn án díẹ̀, òróró gbígbóná ti pa á dànù. Irọ́ ni. Kòkòrò àìsàn niná ń pa. Ohun tó ń bá alálẹ́jì jà, púrótíìnì inú ẹ̀pà fúnra ẹ̀ ni, díndín ò sì ní kó má ṣiṣẹ́ mọ́, àní yíyan lè mú kó le sí i. Bíńtín ẹ̀ lè mú kí ètè ọmọ wú, kí ara ẹ̀ sú, ẹlòmíì ọ̀fun ẹ̀ á dí débi pé kò ní lè mí.

Níbí lókè Ọya òróró ẹ̀pà pọ̀ lọ́jà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti burú. Èyí táwọn tó ń ṣe kúlíkúlí fún lọ́wọ́, tí wọ́n rọ sínú ike, ẹnikẹ́ni ò yọ púrótíìnì ẹ̀ kúrò. Ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n fọ̀ mọ́, díẹ̀ báyìí ló kù nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì kọ ọ́ pé òróró ẹ̀pà ni, ká kàn kọ "òróró" ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ká ní Sátidé lẹ dín pínọ́ọ̀tì bọ́gà tán, lẹ wá da ṣin-ṣin sínú òróró kan náà. Ẹ ò fi ẹ̀pà po fúláwà o, àmọ́ ẹ̀pà ti wà níbẹ̀. Lébùlù ẹ̀ máa rí báyìí, ohun tó wúwo jù ló ń ṣáájú, kẹ́ ẹ sì dárúkọ irú òróró náà:

Fúláwà wíìtì, ṣúgà, mágárínì, ẹyin, mílíìkì, òróró tá a fi dín in, nọ́tímẹ́ẹ̀gì. Ó ní wíìtì, ẹyin, mílíìkì. A dín in nínú òróró tá a ti fi dín ẹ̀pà, alálẹ́jì ẹ̀pà má jẹ ẹ́. A dín in ní Sátidé, a dì í ní Sọ́ńdè (ẹ kọ déètì méjèèjì).

Ẹ wo ara ike mágárínì náà, sóyà máa ń wà nínú ọ̀pọ̀, tó bá wà níbẹ̀ ẹ kọ ọ́ mọ́ tiyín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín ewu kù, ṣin-ṣin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín, nínú òróró tuntun àti asẹ́ tó mọ́, pínọ́ọ̀tì bọ́gà á tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orí tábìlì kan náà lẹ ti ń dì í, ẹ ṣì kọ ọ́ pé ẹ̀pà lè kàn án.

Ti "oṣù mẹ́ta" táwọn kan ń dà kọ látara bisikíìtì ilé iṣẹ́, pé ṣin-ṣin àwọn ò ní bàjẹ́ kó tó pé bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dà á kọ, tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ dán wò. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dì í, torí oru á di omi nínú nailọ́ọ̀nù. Ẹ fi páálí kan pa mọ́ síbi tóòrùn ò dé, kẹ́ ẹ máa tọ́ ọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá nínú ooru March àti April, torí òróró tètè ń bàjẹ́ nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó bá ti ń rùn bí òróró àtijọ́ tàbí tó korò lẹ́nu, déètì tẹ́ ẹ máa kọ gbọ́dọ̀ ti ṣáájú ẹ̀ dáadáa.