Iná Pupa Tó Wà Nínú Àpótí Ẹ̀rọ

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, Alhaja tó ni ilé-iṣẹ́ omi inú ike kan lẹ́bàá Ìbàdàn pè mí. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ike kò dáhùn mọ́. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì la pa á, kò sì sí ohun tó ṣe é nígbà yẹn."

Mo ṣí àpótí iná. Kọ̀ntírólà inú rẹ̀ jẹ́ FX2N ti Mitsubishi. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ti dẹ́kun ṣíṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wọ̀lú ní tòkunbọ̀. Iná POWER tàn, RUN ti kú, PROG-E, iná àṣìṣe ètò, ń ṣẹ́jú, BATT.V, iná bátìrì, sì pọ́n roro. Mo bi ọ̀gá tó ń darí ẹ̀rọ pé ìgbà wo ni èyí tó pọ́n yẹn ti ń tàn. Ó ní, "Látìgbà ààwẹ̀ ni, sà. A rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Kọ̀ntírólà ni ọpọlọ irú ẹ̀rọ báyìí: òun ló ń sọ fún fáàfù pé kó ṣí, tó ń sọ fún mọ́tọ̀ pé kó dúró. Nínú FX2N, orí ìrántí tí kò lè wà láìsí iná ni ètò iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí iná bá wà, iná ló ń bọ́ ọ. Bí iná bá lọ, bátìrì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní F2-40BL, oní fóòtì 3.6, ló ń gba iṣẹ́ náà ṣe. Nǹkan bí ọdún 5 ni wọ́n ń kà fún un. Ẹ wá wò ó: ìgbà tí iná kò sí nìkan ni bátìrì yìí ń ṣiṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í tàn án ní Ọjọ́ Àìkú, òun ló ń gbé ẹrù náà lọ́pọ̀ wákàtí. Òpin ọ̀sẹ̀ ló sábà máa ń kú, tí wọ́n á wá mọ̀ ní Ọjọ́ Ajé.

Ẹ má fọkàn tán mítà tí ẹ fi ń wọn fóòtì. Irú bátìrì lítíọ́mù yìí máa ń dúró lójú kan náà títí ó fi kù díẹ̀ kó tán, lẹ́yìn náà ló máa já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí BATT.V bá tàn, nǹkan bí oṣù kan péré lẹ ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ti Alhaja ti kọjá oṣù kan tipẹ́.

Mo ní ẹ̀dà ètò náà nínú láptọ́ọ̀pù mi, ti ọdún méjì sẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ìdádúró pàjáwìrì, mo ti afẹ́fẹ́ tó ń ṣí fáàfù pa, nítorí kọ̀ntírólà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Mo fi bátìrì tuntun sí i, mo yí i sí STOP, mo fi GX Works2, sọ́fítíwéà tí a fi ń bá kọ̀ntírólà yìí sọ̀rọ̀, nu ohun tó kù nínú rẹ̀ pẹ̀lú `Clear PLC Memory`, mo kọ ètò sínú rẹ̀ pẹ̀lú `Write to PLC`, mo sì fi `Verify with PLC` wò ó bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ti láptọ́ọ̀pù mu. Wọ́n bára mu. Mo yí i sí RUN, iná RUN tàn. Mo tú bọ́tìnnì pàjáwìrì náà, mo sì ṣí afẹ́fẹ́ padà. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ike mẹ́fà àkọ́kọ́ kọjá lábẹ́ fáàfù lófìfo.

Níbí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé ètò náà bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ètò náà wulẹ̀ ń sọ pé: ṣí fáàfù fún ìwọ̀n àkókò tó wà nínú D512, ọ̀kan nínú àyè tí kọ̀ntírólà ń tọ́jú nọ́ńbà sí. Nọ́ńbà yẹn kò sí nínú ètò. Ọwọ́ èèyàn ló tẹ̀ ẹ́ sí síkírìnì nígbà kan, bátìrì ló sì ń pa á mọ́. Bátìrì kú, D512 di òdo. Lórí FX2N, D200 dé D7999 ni àyè nọ́ńbà tó ń rántí bí wọn kò bá yí i padà, àwọn àmì títàn-kíkú tó ń rántí sì wà láti M500 dé M3071. Ẹni tó kó ètò nìkan pamọ́ kò tíì kó ìyẹn.

Ẹnikẹ́ni kò kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, nítorí náà a wá a. Mo tẹ 50 sí i, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 5.0. Ike kan gba omi gíráàmù 560 lórí òṣùwọ̀n, lẹ́yìn tí a yọ ìwúwo ike kúrò. Nígbà náà, gíráàmù 112 ló ń ṣàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ike sẹ́ǹtílítà 75 ń fẹ́ gíráàmù 750, bí a bá fi 112 pín in, ìṣẹ́jú àáyá 6.7 ni. Mo tẹ 67, ó sì bọ́ sí i. Nọ́ńbà kan péré nìyẹn. Mẹ́tàdínlógún ló wà, ìdérí àti lébẹ́lì náà wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la tó parí.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ ọ́? Nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ṣì wà láàyè, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi `Read from PLC` ka ètò jáde, kó sì ka àwọn D àti M tó ń rántí jáde lọ́tọ̀. Kó tún fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé àtúnṣe lórí síkírìnì. Bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ bá ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà dè é, kò ní ṣeé kà, ẹ bèèrè ẹ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ má dúró dìgbà tí ó bá kú.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra kásẹ́ẹ̀tì ìrántí FX-EEPROM-8. Ó dára, torí ètò inú rẹ̀ kò nílò bátìrì. Ṣùgbọ́n àwọn D tó ń rántí kò sí nínú rẹ̀, bátìrì ló ṣì dì wọ́n mú. Ohun tí mo fi sínú ètò Alhaja nìyí:

```
LD M8002
AND<> D600 K1234
SET M700
```

Nígbà tí kọ̀ntírólà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa wo D600. Bí 1234 tí mo gbìn síbẹ̀ kò bá sí mọ́, a jẹ́ pé ìrántí ti sọnù. M700 á tàn, ẹ̀rọ kò sì ní ṣí fáàfù kankan títí ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi tẹ gbogbo nọ́ńbà padà, kó tó tẹ bọ́tìnnì tó ń kọ 1234 síbẹ̀, tó sì ń pa M700. Mo lo nọ́ńbà àjèjì yìí nítorí pé ìrántí tó kú kì í fìgbà gbogbo di òdo. Pàǹtí ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, 30000 nínú D512 yóò sì jẹ́ kí omi kún ilẹ̀.

Fámúwéà, ètò tí ilé-iṣẹ́ fi sínú kọ̀ntírólà kí ó tó dé ọwọ́ wa, náà yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ wo D8001: 24300 túmọ̀ sí FX2N àtẹ̀jáde 3.00. A kò lè yí i padà fúnra wa. Bí kọ̀ntírólà bá jóná, tí ẹ ra àlòkù tó jẹ́ àtẹ̀jáde tó ti pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè má dá àṣẹ kan tó wà nínú ètò yín mọ̀.

Ní ti bátìrì fúnra rẹ̀: ẹ tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ pa á, ẹ yọ ti àtijọ́, kí ti tuntun sì wọ ibẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá 20 tó pé. Ẹ ti mú ẹ̀dà kí ẹ tó dán an wò. Ti Alhaja, mo kọ ọjọ́ tí a fi sí i sára ilẹ̀kùn àpótí pẹ̀lú máàkà, mo sì kọ nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.