Ẹ má fi gbèsè sílẹ̀ lórí káàdì nítorí máàkì kírédíìtì

“Má san owó káàdì yẹn tán o. Fi díẹ̀ sílẹ̀, kí máàkì ẹ lè gòkè.” Ìmọ̀ràn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ire ni wọ́n ń rò sí onítọ̀hún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, ó sì ń ná àwọn tó gbà á gbọ́ lówó lóṣooṣù.

Máàkì kírédíìtì ni nọ́ńbà tí ayánilówó fi ń mọ bóyá èèyàn ṣeé yá lówó. Èyí tí ọ̀pọ̀ báńkì ń lò níbẹ̀ ni FICO, láti 300 títí dé 850. Inú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀: Equifax, Experian àti TransUnion. Àwọn tó yá èèyàn lówó ló ń ròyìn fún wọn. Bí a bá pín máàkì náà sí 100, nǹkan bí 35 dá lórí bóyá èèyàn ń san gbèsè lásìkò, nǹkan bí 30 sì dá lórí iye tó jẹ. Ọjọ́ orí àwọn káàdì àti gbèsè rẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, àti oríṣi tí wọ́n jẹ́ ló pín ìyókù. Owó oṣù kò sí nínú rẹ̀. Èlé tí ẹ san fún báńkì náà kò sí nínú rẹ̀. Ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti yẹ̀ nìyí: ẹ lè fún báńkì ní èlé fún ọdún mẹ́wàá, àkọsílẹ̀ yín kò ní sọ ọ́.

Ohun tó dààmú àwọn èèyàn ni ọjọ́ méjì tí káàdì kọ̀ọ̀kan ní. Ọjọ́ kan wà tí sitétímẹ́ńtì, ìwé tó ń sọ iye tí ẹ jẹ, ń jáde, ọjọ́ kejì sì ni ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, tó máa ń tó ọjọ́ 21 ó kéré tán lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Iye tó wà nínú sitétímẹ́ńtì ni báńkì sábà máa ń ròyìn, kì í ṣe iye tó kù lẹ́yìn tí ẹ ti san.

Ká sọ pé nọ́ọ̀sì kan ní Húsítìn ní káàdì tí kò lè kọjá dọ́là 2,000. Ó fi ra fíríìjì àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,600. Sitétímẹ́ńtì jáde ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé sì jẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Bó bá san gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, kò ní san èlé kankan. Síbẹ̀, báńkì ti ròyìn 1,600 nínú 2,000, ìyẹn 80 nínú 100, máàkì rẹ̀ á sì wálẹ̀ lóṣù yẹn. Ká ní ó ti san 1,500 ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ni, dọ́là 100 péré, ìyẹn 5 nínú 100, ni wọn ì bá ròyìn.

Ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn yẹn, tó fi 300 sílẹ̀ lórí káàdì tí èlé rẹ̀ jẹ́ 24 nínú 100 lọ́dún, á máa san bíi dọ́là 6 lóṣù, láìjèrè máàkì kan. Èyí tó tún burú ni pé àwọn ohun tuntun tó bá fi káàdì náà rà á sábà bẹ̀rẹ̀ sí í gba èlé láti ọjọ́ tó rà wọ́n.

Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí àṣìṣe náà. Bí gbogbo káàdì yín bá ròyìn òdo, máàkì lè rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti ẹni tí káàdì rẹ̀ kan ròyìn owó kékeré. Ẹ jẹ́ kí owó kékeré náà hàn nínú sitétímẹ́ńtì, kí ẹ sì san án tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Kí ló dé tí 80 nínú 100 fi ń ba ayánilówó lẹ́rù, nígbà tí nọ́ọ̀sì yìí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àjẹpẹ́? Ohun tí máàkì ń díwọ̀n ni bó ṣe ṣeé ṣe tó kí èèyàn fi 90 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ san gbèsè kan láàárín ọdún méjì tó ń bọ̀. Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná káàdì rẹ̀ tán kò ní ibi tó máa sá sí bí iṣẹ́ bá bọ́. Ayánilówó kọ̀ọ̀kan ló ń yan ibi tó máa fa ìlà sí. Nínú ẹ̀yáwó ilé tí àjọ FHA ti ìjọba ń dúró fún, ẹni tó ní 580 sókè lè kọ́kọ́ san ìdá 3.5 nínú 100 owó ilé látinú àpò ara rẹ̀. Ẹni tó wà láàárín 500 sí 579 gbọ́dọ̀ mú ìdá 10 wá. Owó oṣù ńkọ́? Wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀, nínú ìwé owó oṣù àti ìwé owó orí.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti yá yín lówó, òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà náà dáadáa. Bó bá ní gbèsè orí káàdì ti pọ̀ jù sí iye tí wọ́n fàyè gbà, ẹ san án wálẹ̀ kí sitétímẹ́ńtì tó jáde, ẹ dúró kí báńkì ròyìn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá tún béèrè. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà FICO tí wọ́n ṣì ń lò kì í rántí iye ti oṣù tó kọjá, àmọ́ FICO 10T ń wo oṣù 24 sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ owó tí ẹ pẹ́ san ju 30 ọjọ́ lọ ni, ó lè wà nínú àkọsílẹ̀ fún ọdún méje.