Iṣẹ́ ìmúdọ́gba alákòókò àti bí a ṣe ń ka ìlà cron

Iṣẹ́ ìmúdọ́gba alákòókò ni iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa ń dá ṣe ní àsìkò tí a ti yàn fún un, kí àkọsílẹ̀ kan tó wà níbi méjì má baà yàtọ̀ síra. Lórí Linux àti àwọn ẹbí Unix, `cron` ló ń ṣọ́ aago fún irú iṣẹ́ yìí. Ó ti wà nínú Unix láti ọdún 1979, ó kéré tán. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, á yẹ àwọn ìlà tí a kọ fún un wò, èyí tí àsìkò rẹ̀ bá ti tó, á ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù aládìírẹ kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Orí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kọ aṣọ tí wọ́n tà sí, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí sáfà kan tí oníṣọ́ọ̀bù lè wò láti ilé. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pa ọjà dé, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n tẹ `crontab -e` láti ṣí àkójọ àwọn ìlà `cron`, wọ́n sì kọ ìlà yìí sí i:

```
30 18 * * 1-6 rsync -av /home/itoku/oja/ safa:oja/ >> /home/itoku/oja.log 2>&1
```

Àyè márùn-ún àkọ́kọ́ ni àsìkò. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé wọn ni iṣẹ́ náà: `rsync` ló ń kó ẹ̀dà lọ sórí sáfà, ohun tó bá sì sọ, títí kan àṣìṣe, á wọ inú fáìlì `oja.log`. Láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún ni a ń kà á: ìṣẹ́jú (0 sí 59), wákàtí (0 sí 23), ọjọ́ inú oṣù (1 sí 31), oṣù (1 sí 12), ọjọ́ ọ̀sẹ̀ (0 sí 7, tí 0 àti 7 jọ jẹ́ Ọjọ́ Àìkú, tí 1 sì jẹ́ Ọjọ́ Ajé). Ìràwọ̀ túmọ̀ sí pé kò sí ìdíwọ́ kankan ní àyè yẹn. Nítorí náà, ìlà òkè yìí ń sọ pé: ní aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ yòówù nínú oṣù, oṣù yòówù, níwọ̀n ìgbà tó bá ti bọ́ sáàárín Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àyè ìṣẹ́jú ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti máa ń ṣi ìràwọ̀ lò jù. Ẹni tó kọ `* 18 * * 1-6` rò pé òun ní kó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní aago mẹ́fà, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣẹ́jú wákàtí yẹn ló sọ, ìyẹn ìgbà 60. Odo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀fìn kejì wà láàárín àyè ọjọ́ méjèèjì. `0 7 1 * 1` kò túmọ̀ sí Ọjọ́ Ajé tó bá bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù. Bí a bá fi nọ́ńbà sí àyè méjèèjì, èyíkéyìí tó bá ṣẹ ti tó fún `cron`: iṣẹ́ náà á wáyé ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù, á sì tún wáyé ní gbogbo Ọjọ́ Ajé.

Ìṣòro tó le jù fún ṣọ́ọ̀bù wa ni pé bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́fà, tàbí tí iná bá lọ, aago mẹ́fà àbọ̀ á kọjá lórí rẹ̀ ní pípa. `cron` kì í padà ṣe iṣẹ́ tó fò. Ó sàn kí iṣẹ́ náà máa wáyé léraléra nígbà tí ọjà ṣì wà ní ṣíṣí. Àyè márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ni a ó pààrọ̀ nínú ìlà náà:

```
*/15 9-17 * * 1-6
```

`*/15` ni ìṣẹ́jú 0, 15, 30 àti 45. `9-17` kò parí ní aago márùn-ún gan-an. Wákàtí 17 wà nínú rẹ̀ tán pátápátá, nítorí náà ìgbà ìkẹyìn ni 17:45. Ọjà tí wọ́n bá tà lẹ́yìn ìyẹn á dé sáfà ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Bí iná bá sì lọ fún ìgbà díẹ̀, ìgbà tó bá kàn lẹ́yìn tó dé ló máa kó ohun tó ṣẹ́kù.

Aago kọ̀ǹpútà tí ìlà náà wà lórí rẹ̀ ni `cron` ń tẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ sáfà tó ń lo UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ni a kọ ọ́ sí, 18 ibẹ̀ jẹ́ aago méje alẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ẹ tẹ `date` kí ẹ tó kọ ohunkóhun: `WAT` ni aago Nàìjíríà, ó sì fi wákàtí kan ṣíwájú UTC jálẹ̀ ọdún.

Bí ẹ̀dà orí sáfà kò bá yí padà, inú `oja.log` ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí `Permission denied` bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sáfà ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ fún `cron`, kọ́kọ́rọ́ SSH tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà ni iṣẹ́ náà nílò. Bí fáìlì náà kò bá sí rárá, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà má tíì bẹ̀rẹ̀: ẹ fi `crontab -l` wò ó bóyá ìlà náà wà, kí ẹ sì tún àyè márààrún kà.