Ẹsẹ̀ kan wú lẹ́yìn ìrìnàjò jíjìn: ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dì?

Ìbéèrè: Mo jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí 9. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn ojúgun mi lápá òsì wú, ó sì ń dùn mí bí mo bá ń rìn. Àwọn kan ní kí n fi ìpara wọ́ ọ, àwọn kan ní ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má wọ́ ọ rárá. Ẹ lọ rí dókítà lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè ni pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú. Bí èèyàn bá jókòó pẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sábà máa ń wú lápá ọrùn ẹsẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, bó bá sì ti sùn tó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó máa ń fà. Ti ẹ̀jẹ̀ dídì yàtọ̀. Bí a ṣe ń rìn ni ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí a bá ká ẹsẹ̀ kò fún wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ inú òpó tó jìn sínú ẹran á máa falẹ̀, ó sì lè dì. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó fara hàn.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ lè wọn ẹsẹ̀ náà. Egungun kan yọ síwájú, nísàlẹ̀ orúnkún díẹ̀. Ẹ ka sẹ̀ǹtímítà 10 wálẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù aránṣọ yí ẹsẹ̀ po. Ká ní ọ̀tún jẹ́ 36, tí òsì jẹ́ 39.5, ìyàtọ̀ 3.5 nìyẹn. Àmì tí dókítà kì í fojú kéré ni bó bá ti ju 3 lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá tó 3, ẹ ṣì lọ. Ẹ má sì dúró dìgbà tó bá pọ́n, torí pípọ́n kì í hàn dáadáa lára aláwọ̀ dúdú. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná ju èkejì lọ.

Bí ẹ bá ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, tí ẹ lóyún, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tàbí ṣiṣẹ́ abẹ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yín ti dì rí, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ síkáànì lé ẹsẹ̀ yín, wọ́n á sì tẹ òpó ẹ̀jẹ̀ náà. Èyí tó dára á tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ dì sí kò ní tẹ́. Iṣan tó já náà lè wú báyìí gẹ́lẹ́, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, oògùn tí wọ́n á fún yín kò ní í yọ́ ọ. Kò kàn ní í jẹ́ kó dàgbà sí i ni, ara á wá máa yọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó sábà máa ń gbà tó oṣù 3, ó kéré tán, nítorí náà ẹ má dá oògùn dúró torí pé ẹsẹ̀ ti fà.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má wọ́ ọ ni pé ègé rẹ̀ lè já, kó gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Bí èémí yín bá ṣàdédé ń já, tí àyà ń dùn yín bí ẹ bá mí sínú, tí ẹ wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ẹ dákú, kí wọ́n gbé yín lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.